Bí a ṣe ń kọ ímeèlì àpéjọ ọdọọdún sí ẹ̀ka ilé àti ẹ̀ka òkè òkun

Ẹ káàbọ̀ o. Èmi ni akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí n'Ìbàdàn. A ní ẹ̀ka nílé, a ní ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀n, a sì ní ọ̀kan ní Húsítọ̀n. Dìsẹ́ńbà ni àpéjọ wa, nígbà tí àwọn ará òkè òkun bá wálé. Ímeèlì tó ń pe ìpàdé ìmúrasílẹ̀ lórí Súùmù, tó sì ń béèrè owó, la fẹ́ kọ lónìí. Ẹ tẹ `Compose`.

Níbi `To`, alága àti akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nìkan ni kí ẹ kọ. Kí àwọn akápò wà ní `Cc`. Ẹ má kó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sí i, torí ẹ ò ní mọ èsì tó jẹ́ ti ẹ̀ka yàtọ̀ sí èrò ẹnì kan.

Ó kan àkókò ìpàdé, ibí sì ni wàhálà wà. Sátidé n'Ìbàdàn, òde ìnáwó ni gbogbo èèyàn wà; tí ẹ bá pè wọ́n ní aago méjì, ìlù ni ẹ máa gbọ́ lẹ́yìn wọn. Tí ẹ bá sì sún un sí ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, àwọn ará Húsítọ̀n á ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aago méje alẹ́ Sátidé ló rọ̀ wá lọ́rùn.

Aago tiwa kì í yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, àmọ́ tiwọn ń yí. Ẹ jẹ́ ká wo Sátidé mẹ́ta tó tẹ̀ léra lọ́dún 2026. Ní 24 Òkítóbà, tí aago méje alẹ́ bá lù n'Ìbàdàn, méje náà ni ní Lọ́ńdọ̀n, ọ̀kan ọ̀sán sì ni ní Húsítọ̀n. Lọ́jọ́ kejì, ìyẹn Sọ́ńdè 25, Lọ́ńdọ̀n á dá aago wọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Amẹ́ríkà ò ní ṣe tiwọn títí di Sọ́ńdè 1 Nòfẹ́ńbà. Nítorí náà, ní Sátidé 31 Òkítóbà, aago mẹ́fà ni ní Lọ́ńdọ̀n, ọ̀kan ọ̀sán ṣì ni ní Húsítọ̀n. Tó bá di 7 Nòfẹ́ńbà, mẹ́fà ni ní Lọ́ńdọ̀n, Húsítọ̀n náà á ti di méjìlá ọ̀sán. Ẹni tó bá da àkókò ìpàdé tó kọjá kọ lásán, apá kan á pẹ́ dé ni.

Aago Ìbàdàn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ wá kọ ti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ oṣù jáde, torí tí ẹ bá kọ `7/11`, ọjọ́ kọkànlá oṣù Júláì ni ará Amẹ́ríkà máa kà. Tí ẹ bá ń fi ìpàdé náà sórí kàlẹ́ńdà, ẹ yan `Lagos` níbi `Time zone`; ẹ ò ní rí Ìbàdàn níbẹ̀.

Ó ku owó. Ká ní mílíọ̀nù 6 náírà ni gbọ̀ngàn, oúnjẹ, kánópì àti dísù jẹ́, tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yóò sì san mílíọ̀nù 2. Lọ́ńdọ̀n lè fèsì pé àwọn ṣèlérí 1,000 pọ́n-ùn. Tí pọ́n-ùn bá jẹ́ 2,000 náírà lọ́jọ́ yẹn, ó pé. Tó bá ti di 1,850 lọ́jọ́ tí owó wọlé, 150,000 náírà ti dín, ká má tíì sọ ti owó tí báńkì yọ. Olóúnjẹ ní Bódìjà ò mọ̀ nípa pọ́n-ùn o. Náírà ló dá lé e.

Báyìí ni mo ṣe máa ń kọ ọ́: "Ẹ jọ̀wọ́, mílíọ̀nù 2 náírà tó bá wọ àkáǹtì ẹgbẹ́ lẹ́yìn owó báńkì là ń kà sí ìpín ẹ̀ka yín. Tó bá dín, ẹ̀ka yín ni yóò fi kún un. Tó bá lé, ó di ti yín lọ́dún tó ń bọ̀." Àwọn kan lè sọ pé ó le. Èmi fara mọ́ ọn, torí ẹ̀ka ilé ló máa ń gbé àlàfo yẹn tí a ò bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Fún ọjọ́ èsì, ẹ má kọ "agogo méjìlá òru Ẹtì", torí àwọn kan á kà á sí òru Ọjọ́bọ̀. Ẹ kọ aago 11:59 alẹ́ Ẹtì, aago Ìbàdàn.

Ẹ tẹ `Send`. Èsì kan á wọlé pé, "A ti rí i, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á ràn wá lọ́wọ́." Ẹ ṣe àmín, àmọ́ ẹ má tíì kọ owó kankan sí orúkọ ẹ̀ka yẹn. Ẹ pe akápò wọn lórí Wásáàpù, ẹ béèrè iye àti ọjọ́ tí wọ́n máa san án, kí ẹ padà wá kọ ìdáhùn rẹ̀ sábẹ́ ímeèlì yìí kan náà kí gbogbo ẹ̀ka lè rí i.