Òpó EV ni kókó: bí a ṣe ń ṣírò CV, SV, CPI àti SPI láti inú àtẹ ìdánwò

Ẹ kú ìjókòó o. Ìbéèrè kan ṣoṣo la fẹ́ yanjú lónìí, irú èyí tó máa ń yọjú nínú ìdánwò ìṣàkóso iṣẹ́ àkànṣe ní yunifásítì, tó sì tún máa ń yọjú nínú ìdánwò PMP. Wọn á gbé àtẹ kan ka iwájú yín, wọn á sọ ọjọ́ tí wọ́n yẹ iṣẹ́ náà wò, wọn á wá ní kí ẹ ṣírò ìyàtọ̀ owó, ìyẹn CV, ìyàtọ̀ àsìkò, ìyẹn SV, àti òṣùwọ̀n méjèèjì, CPI fún owó àti SPI fún àsìkò. Ìlànà ìṣirò tó wà níbẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ti mọ̀ ọ́n sórí kí wọ́n tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Síbẹ̀ máàkì ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí pé òpó EV ni wọ́n ti ṣìnà, kí wọ́n tó dé ibi ìlànà rárá.

Àtẹ tí a máa lò nìyí. Ìjọba ìbílẹ̀ kan gbé iṣẹ́ kànga ẹ̀rọ fún agbaṣẹ́ṣe, wọ́n sì yẹ iṣẹ́ náà wò ní ìparí oṣù kẹta. Ẹgbẹ̀rún náírà ni wọ́n fi ka gbogbo owó inú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé 400 túmọ̀ sí 400,000 náírà.

| Iṣẹ́ | Owó ìṣúná | Ibi tó yẹ kó dé | Ibi tó dé | Owó tó ti jáde |
|---|---|---|---|---|
| Ṣíṣán igbó àti títẹ́ ilẹ̀ | 400 | 100% | 100% | 450 |
| Gbígbẹ́ kànga | 2,000 | 100% | 80% | 1,900 |
| Irin ìgbé táǹkì | 1,200 | 50% | 60% | 650 |
| Páìpù àti ẹnu ẹ̀rọ | 1,000 | 40% | 10% | 200 |
| Yíyẹ omi wò àti fífa iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́ | 400 | 0% | 0% | 0 |
| Àpapọ̀ | 5,000 | | | 3,200 |

Ẹ má tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò. Ẹ kọ́kọ́ wá owó mẹ́ta kan. PV ni owó iṣẹ́ tó yẹ kí a ti ṣe títí di ọjọ́ àyẹ̀wò. EV ni owó iṣẹ́ tí a ti ṣe ní tòótọ́, iye tí ìṣúná fi lé e lórí. AC ni owó tó jáde lápò láti fi ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Bí ẹ bá rí BCWS, BCWP àti ACWP nínú ìwé ìbéèrè àtijọ́, àwọn mẹ́ta yìí kan náà ni, ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí mo fi dárúkọ wọn yẹn. Orúkọ tí Iléeṣẹ́ Ètò Ààbò Amẹ́ríkà ń lò nìyẹn láti ọdún 1967 tí wọ́n ti gbé ìlànà náà kalẹ̀ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe wọn.

PV kò le. Ẹ fi ìdá tó yẹ kí iṣẹ́ dé sọ owó ìṣúná ìlà náà di púpọ̀: 400, 2,000, 600, 400 àti 0. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,400. Wọ́n ti fún wa ní AC, 3,200 ni.

EV ló gba sùúrù. Ìdá ibi tí iṣẹ́ dé ni ẹ máa mú, owó ìṣúná sì ni ẹ máa fi sọ di púpọ̀. Kì í ṣe owó tó ti jáde. Ní ìlà gbígbẹ́ kànga, 80% nínú 2,000 jẹ́ 1,600. Àìmọye akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ 80% nínú 1,900, tí wọ́n á sì rí 1,520, nítorí pé òpó owó tó jáde ló wà nítòsí òpó ìdá iṣẹ́ nínú àtẹ, ojú sì ń sáré lọ síbẹ̀. Ìdí tí èyí fi burú ni pé EV gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu AC. Iye tí a fohùn ṣọ̀kan lé lórí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ, yálà agbaṣẹ́ṣe náwó nínàákúnàá tàbí ó ṣọ́ owó ná. Bí ẹ bá ti fa EV yọ láti inú AC, àṣìṣe náà máa ń fi ara rẹ̀ hàn: CPI ìlà yẹn á bá ìdá iṣẹ́ dọ́gba gẹ́lẹ́. 1,520 tí a bá fi 1,900 pín á fún wa ní 0.80, tí í ṣe 80% tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí ẹ bá ti rí irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn kí ẹ wo owó tí ẹ fi sọ ọ́ di púpọ̀.

EV ìlà márààrún wá jẹ́ 400, 1,600, 720, 100 àti 0, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 2,820. Nínú 5,000, ìyẹn jẹ́ 56.4%. Ọ̀nà àbùjá kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ tọ̀: kí ẹ ro 100, 80, 60, 10 àti 0 pọ̀, kí ẹ pín in sí márùn-ún, kí ẹ sì sọ pé iṣẹ́ ti dé 50%. Ìyẹn á fi EV sí 2,500. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ìṣirò yẹn ka iṣẹ́ igbó ṣíṣán tó jẹ́ 400 sí ẹgbẹ́ gbígbẹ́ kànga tó jẹ́ 2,000, bí ẹni pé wọ́n wúwo bákan náà.

Nísinsìnyí tí owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dúró, ìyókù yá:

```
CV  = EV - AC = 2,820 - 3,200 = -380
SV  = EV - PV = 2,820 - 3,400 = -580
CPI = EV / AC = 2,820 / 3,200 = 0.88
SPI = EV / PV = 2,820 / 3,400 = 0.83
```

Ẹ wò ó pé EV ló ṣíwájú nínú ìlànà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nítorí náà, kò sí ìdí láti máa há ìlànà mẹ́rin sórí: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú EV, ẹ mú AC bó bá jẹ́ owó ni wọ́n ń bi yín, ẹ mú PV bó bá jẹ́ àsìkò. Ẹni tó bá kọ AC ṣáájú EV á rí +380, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó ṣẹ́kù, nígbà tó jẹ́ pé owó ti tán kọjá iṣẹ́. Àmì ìyọkúrò ń sọ ìṣòro, òṣùwọ̀n tó kéré sí 1 náà ń sọ ìṣòro. Wọn kì í ta ko ara wọn. Bí CV yín bá ní àmì ìyọkúrò, tí CPI yín sì ju 1 lọ, ọ̀kan nínú ìṣirò méjèèjì ti dà rú.

Àṣìṣe mìíràn ni kí ẹ fi 5,000 dípò 3,400 nínú SV. Ìdáhùn á di −2,180, èyí kò sì ju owó iṣẹ́ tó ṣẹ́kù látòkèdélẹ̀ lọ. Kò sọ ohunkóhun nípa ìfalẹ̀.

Bí ìbéèrè bá ní kí ẹ ṣe é fún ìlà kọ̀ọ̀kan, CV wọn jẹ́ −50, −300, +70, −100 àti 0. Ẹ rò wọ́n pọ̀, −380 ni ẹ máa rí. SV wọn jẹ́ 0, −400, +120, −300 àti 0, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ −580. Àyẹ̀wò tó dára jù lọ nìyí, kò sì gba ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kò ṣeé rò pọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì ṣeé wá àárín rẹ̀. CPI ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ 0.89, 0.84, 1.11 àti 0.50, àárín wọn á sì fún yín ní nǹkan bí 0.83, nígbà tí òótọ́ jẹ́ 0.88. Ìlà páìpù, tí owó tó jáde lórí rẹ̀ kò ju 200 lọ, ló fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀. Àpapọ̀ EV ni kí ẹ pín, àpapọ̀ AC ni kí ẹ fi pín in. Ní ti ìlà karùn-ún, ẹ má pín 0 sí 0. Ẹ kọ ọ́ pé iṣẹ́ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀, kò sì ní òṣùwọ̀n.

Ẹ máa ka ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lábẹ́ àtẹ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ẹ̀tàn sí. Ká ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé nínú 1,900 tó jáde fún kànga, 300 jẹ́ owó àsansílẹ̀ fún gbígbẹ́ tó kù, tí wọn kò tíì ṣe. AC dúró fún owó iṣẹ́ tí a ti ṣe nìkan, nítorí náà 300 yẹn á jáde kúrò nínú rẹ̀. AC ìlà náà á di 1,600, CV rẹ̀ á di 0. Àpapọ̀ AC á di 2,900, CV iṣẹ́ náà á di −80 dípò −380, CPI á sì gòkè sí 0.97. Ìtàn owó iṣẹ́ náà ti yí padà pátápátá, bẹ́ẹ̀ SV àti SPI kò mì, nítorí pé AC kò sí nínú wọn.

Ó ku ìtumọ̀, èyí tí máàkì rẹ̀ sábà máa ń dá dúró. Fún CPI 0.88, ẹ kọ ọ́ pé náírà kan tó jáde mú iṣẹ́ kọ́bọ̀ 88 wá. Fún SPI 0.83, ẹ kọ ọ́ pé 83% iṣẹ́ tó yẹ kó ti parí lọ́jọ́ àyẹ̀wò ni ó parí. Ẹ má kọ ọ́ pé iṣẹ́ fi ọjọ́ báyìí pẹ́. Náírà ni a fi ka SV, 580,000 náírà iṣẹ́ ló wà nílẹ̀ tí kò tíì di ṣíṣe, àtẹ yìí kò sì sọ iye ọjọ́ tí yóò gbà.

SV tún ní àléébù kan tí olùbéèrè tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè bi yín. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, EV á di 5,000, PV náà á ti di 5,000. SV á padà sí 0, SPI á padà sí 1, kódà bí iṣẹ́ náà bá fi oṣù mẹ́fà kọjá ọjọ́ àdéhùn. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá ti sún mọ́ ìparí, SPI kò ṣeé fọkàn tán mọ́. CPI kò ní irú àléébù yìí, torí pé AC kì í padà sẹ́yìn láti bá EV pàdé.

Bí wọ́n bá wá béèrè ìlà tó yẹ kí alákòóso kọ́kọ́ dojú kọ, ẹ má yára mú páìpù nítorí CPI 0.50 àti SPI 0.25 rẹ̀. Gbígbẹ́ kànga ló jẹ owó jù, 300 nínú 380, òun náà ló fà sẹ́yìn jù, 400. Irin táǹkì tó ṣíwájú pẹ̀lú 120 ló sì bo díẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ìfàsẹ́yìn náà: bí a bá yọ ọ́ kúrò, SV á di −700. Àmọ́ yíyára irin táǹkì kò lè fi ọjọ́ kan dín àsìkò ìparí kù bí kànga kò bá tíì yọ omi, SV kò sì mọ èyí, torí pé owó nìkan ló ń kà. Bí ìwé ìbéèrè bá ya àwòrán bí iṣẹ́ kan ṣe ń dúró de èkejì, inú àwòrán náà ni kí ẹ ti wá ìlà tó lè falẹ̀ láì fa ọjọ́ ìparí sẹ́yìn àti èyí tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó dáhùn.