Wáyà HDMI sí DP yẹn ò bàjẹ́, òdì lẹ gbé e sí

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀tígbà, ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́èjì, Ìkẹjà, la wà yìí. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ yẹn, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ ni, ẹ bá mi fara dà á. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣe fídíò lórí bí a ṣe ń yan mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀, ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí ṣáá: "Ọ̀gá, mo so mọ́nítọ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù mi, No Signal ló ń kọ. Ṣé mọ́nítọ̀ ló ti kú ni?" Mo ti dáhùn títí, ọwọ́ ti ro mí. Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é lójú ara wa.

Ohun tó tún jẹ́ kí n ṣe é lónìí nìyí. Arákùnrin kan gbé mọ́nítọ̀ wọlé láàárọ̀ yìí láti Ṣómólú. Nínú dáńfó ló gbé e lé itan wá. Ìwé ìṣirò owó ló fi ń jẹun, ó sì fẹ́ máa ṣí risíìtì sí ojú kan, kó máa kọ iye owó sí ojú kejì. Ó ra mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ alábọ́ọ́dé, íǹṣì 22, ó ra wáyà, ó so ó, òkùnkùn. Ó ti fẹ́ gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á fún un kí wọ́n jọ fà á. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ n rí wáyà yẹn."

Ọmọ iṣẹ́ mi, sún kámẹ́rà mọ́ ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ yìí. Ẹ wò ó. Ihò mẹ́ta ló wà níbẹ̀, HDMI ò sì sí nínú wọn. Ẹ máa rí irú èyí gan-an, torí ọ́fíìsì ni ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ ti ń bọ̀. Èyí tó láwọ̀ búlúù, tó ní ihò kéékèèké 15 ní ìlà mẹ́ta, tí ó ní ibi tí a ń dè síkúrù sí lọ́tùn-ún àti lósì, VGA nìyẹn. Àgbà ni, láti 1987. Funfun tó fẹ̀ yìí ni DVI, a ò ní í lò ó lónìí. Èyí tó rí gbọọrọ yìí, tí igun rẹ̀ kan dà bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e, DP ni, DisplayPort. HDMI fara jọ ọ́, àmọ́ igun méjèèjì nísàlẹ̀ ni ti HDMI fi ń tín-ín-rín. Ẹ fi ìka kàn án, ẹ máa mọ̀ ọ́n lókùnkùn.

Ẹ jọ̀ọ́, bí mo ti ń dárúkọ DP, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ wáyà DP ló ní ìkọ́ kékeré méjì lórí tó há mọ́ inú ihò. Bọ́tìnì kan wà lára orí wáyà náà tí ẹ ó tẹ̀ kí ẹ tó fà á. Ẹ tẹ̀ ẹ́! Ẹ̀yin ń fà á tipátipá bí ẹni fa iṣu lóko, ihò náà á já kúrò lára bọ́ọ̀dù, èmi ni ẹ ó tún gbé e wá bá.

Ó dáa. Láptọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n wa ní ihò HDMI kan àti Táípù-Sí kan. Wáyà tí wọ́n tà fún un, orí kan jẹ́ HDMI, orí kejì jẹ́ DP. Ó ki HDMI bọ láptọ́ọ̀pù, ó ki DP bọ mọ́nítọ̀. Ó wọlé dáadáa, kò sí ohun tó há. Ibẹ̀ gan-an lọ́rọ̀ wà.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Wáyà yẹn ní ibi tó ń gbà lọ. Láti ara kọ̀ǹpútà tó ní DP lọ sí ara mọ́nítọ̀ tó ní HDMI ni wọ́n ṣe é fún. Kò ń gbà padà. Ìdí rẹ̀ ni pé HDMI àti DP, nọ́ńbà ni àwọn méjèèjì fi ń rán àwòrán, ṣùgbọ́n èdè wọn ò dọ́gba. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ní DP dà bí ọmọ Bàdágírì tó gbọ́ Ègùn tó sì gbọ́ Yorùbá. Bó bá ti rí i pé wáyà HDMI ni wọ́n ki bọ òun, á yí èdè padà, á máa sọ HDMI. Bí ẹ bá rí àmì ++ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò DP lára kọ̀ǹpútà, ohun tó ń sọ fún yín nìyẹn. Mọ́nítọ̀ ńkọ́? Ihò DP ti mọ́nítọ̀ ò gbọ́ ju DP lọ. Láptọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n wa ń pariwo HDMI, mọ́nítọ̀ ò gbọ́ ohun tó ń wí, ó wá kọ No Signal. Mọ́nítọ̀ ò bàjẹ́. Wáyà náà ò bàjẹ́.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé, mo ti sọ ọ́ nínú fídíò mẹ́ta, màá tún un sọ: ẹ gé téépù pélébé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà, ẹ fi bírò ya ọfà sí i, kí orí ọfà kọjú sí mọ́nítọ̀. Gbogbo wáyà tí orí rẹ̀ méjèèjì ò jọra ní ṣọ́ọ̀bù yìí ló ní ọfà. Kí ẹ tó sanwó fún wáyà, ẹ má bi ẹni tó ń tà á pé "Ṣé HDMI sí DP ni?" Gbogbo wọn ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ sọ pé, "HDMI wà lára láptọ́ọ̀pù mi, DP wà lára mọ́nítọ̀ mi." Ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀.

Ẹnì kan ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò tó kọjá pé, "Ọ̀gá, kí ló dé tí kò lo Táípù-Sí?" Ìbéèrè gidi ni. Bí Táípù-Sí bá ń gbé àwòrán, wáyà Táípù-Sí sí DP kan ṣoṣo ti tó, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo Táípù-Sí ló ń gbé àwòrán. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ihò náà. Bí ẹ bá rí lẹ́tà D tó gbé P sínú, tàbí àmì mànàmáná Thunderbolt, ó ń gbé e. Bó bá jẹ́ bátìrì tàbí SS nìkan ni wọ́n yà síbẹ̀, ẹ má tíì náwó. Ẹ wá orúkọ láptọ́ọ̀pù yín gan-an lórí ojú òpó ẹni tó ṣe é, kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ nípa ihò náà. Ti ẹ̀gbọ́n wa, dátà nìkan ló ń gbé. A yọwọ́ nínú ìyẹn.

Ọ̀nà méjì tí mo fẹ́ fi hàn yín rèé. Àkọ́kọ́ ni kọnfátà tó ń sọ HDMI di DP ní tòótọ́. Èyí ní ṣíìpù nínú, ó sì sábà máa ń ní ìrù USB tí ẹ ó ki bọ láptọ́ọ̀pù kó lè rí iná lò. Ìrù yẹn ni ẹ fi máa dá a mọ̀. Ó wọ́n ju ìkejì lọ, ẹ̀gbọ́n ò sì fẹ́ náwó púpọ̀ mọ́. Ìkejì ni kọnfátà HDMI sí VGA, pẹ̀lú wáyà VGA tó bá mọ́nítọ̀ wá. Òun la lò.

Ẹ má ra wáyà gbọọrọ kan tí ó ní HDMI ní orí kan àti VGA ní orí kejì, tí kò sí ṣíìpù kankan nínú rẹ̀. VGA kì í fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Iná tó ń ga, tó ń rẹlẹ̀, lórí ìlà pupa, ìlà ewé àti ìlà búlúù, ló fi ń gbé àwòrán. Ohun kan ní láti jókòó láàárín kó máa yí nọ́ńbà di iná bẹ́ẹ̀. Iná díẹ̀ kín-ún tó wà nínú HDMI ni kọnfátà kékeré yìí ń jẹ. Bí àwòrán bá ń wá tó ń lọ, ebi ló ń pa á. Ẹ ra èyí tó ní ojú ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ lè ki wáyà USB bọ̀.

Ó yá, a ti so ó. HDMI wọ láptọ́ọ̀pù, VGA wọ mọ́nítọ̀, mo de síkúrù rẹ̀ méjèèjì. Mo tan mọ́nítọ̀. Mo tẹ bọ́tìnì ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo wọ Input Source, mo yan VGA. Ẹ má fo èyí o. Bí mọ́nítọ̀ bá ṣì ń wo ojú DP, ẹ lè máa dúró títí di ọ̀la.

Lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ tẹ Windows + P, ẹ yan Extend. Duplicate á fi ohun kan náà hàn níbi méjèèjì, ìyẹn ò wúlò fún ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ wá lọ sí Settings, System, Display. Ẹ ó rí àpótí 1 àti 2. Ẹ tẹ Identify kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ èwo, kí ẹ fi máòsì fa 2 sí ẹ̀gbẹ́ tí mọ́nítọ̀ wà lórí tábìlì yín. Bí mọ́nítọ̀ bá wà lápá òsì, tí àpótí 2 wà lápá ọ̀tún, máòsì yín á máa wọlé níbi tí ẹ ò retí.

Ẹ wo lẹ́tà yìí, ó ń ṣú díẹ̀, àbí? Mo tẹ àpótí 2, mo wo Display resolution. Ó wà lórí 1024 × 768. Kọnfátà olówó pọ́ọ́kú ni, nígbà míì kì í jẹ́ kí Windows gbọ́ iye tí mọ́nítọ̀ fẹ́. Mọ́nítọ̀ yìí, 1680 × 1050 ni ojúlówó rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Mo yan án. Mo wá tẹ Auto Adjust lára mọ́nítọ̀ kí àwòrán lè jókòó sáàárín. Ẹ wò ó báyìí! Lẹ́tà kéékèèké inú ìwé ìṣirò yẹn, ẹ ó kà á láìfi ojú mọ́ ọn. Bí ẹ bá yan iye tó ju agbára rẹ̀ lọ, Out of Range ni á kọ. Ẹ má pe ìyẹn ní No Signal. Out of Range túmọ̀ sí pé wáyà ń ṣiṣẹ́, iye tí ẹ yàn ló pọ̀ jù. Ẹ kàn dín in kù.

Ohùn ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ní láptọ́ọ̀pù òun ti yadi. Kò yadi. HDMI ń gbé ohùn pẹ̀lú àwòrán, àwọn kọnfátà kan sì máa ń mú Windows rò pé mọ́nítọ̀ ní sípíkà. Ẹ tẹ àmì sípíkà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ yan sípíkà láptọ́ọ̀pù yín padà. Ó ṣe é lójú mi, ohùn jáde.

Wáyà HDMI sí DP tó kọ́kọ́ rà yẹn, mo ní kó má jù ú nù. Kọ̀ǹpútà tó ní DP lẹ́yìn wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n tó wà nínú yàrá ìpàdé wọn sì ní HDMI. Mo ti ya ọfà sí i fún un. Ọmọ iṣẹ́ mi, wọ́n ti fẹ́ pa jẹnẹrétọ̀, dá kámẹ́rà dúró.