Bí A Ṣe Ń Tún CV Ìlú Òyìnbó Kọ fún Agbanisíṣẹ́ Nílé

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sílé. Ìbàdàn ni mo wà. Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn ọsibítù aládàáni wá òṣìṣẹ́, ìyẹn ni pé èmi ni mo kọ́kọ́ máa ń ka CV yín kí ọ̀gá tó rí i.

Ojú kọ̀ǹpútà mi lẹ ń wò yẹn. CV tó wà lọ́wọ́ òsì, arábìnrin kan ló mú un bọ̀ láti Lẹ́sítà. Ó ti fún mi láyè láti fi hàn yín. Mo ti pa orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ibi tó ti ṣiṣẹ́ rẹ́. Ìpolówó iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún: ọsibítù kan ń wá ẹni tí yóò máa ṣètò róòsìtà, tí yóò máa gbọ́ ẹ̀sùn aláìsàn, tí yóò sì máa mójú tó ìwé àkọsílẹ̀ kí àwọn olùbẹ̀wò ìjọba tó dé. Iṣẹ́ tí arábìnrin yìí ti ṣe fún ọdún mẹ́rin gan-an nìyẹn, àmọ́ ọsibítù mẹ́ta ti dá CV rẹ̀ padà kó tó wá bá mi.

Kó tó lọ ní 2019, ó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin ní báńkì kékeré kan níbí. Ó dé ọ̀hún, ó ń kàwé, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù fún wákàtí 20 lọ́sẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni òfin físà akẹ́kọ̀ọ́ dé. Ẹ wo ohun tó kọ síbí: "Bank Healthcare Assistant". Ẹni tó ka CV yìí níbi kan sọ fún mi pé, "Màdáàmù, ó ṣe báńkì nílé, ó tún lọ ṣe báńkì lọ́hùn-ún. Kí ló wá ń wá ní ọsibítù?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò bá a wí. Ní ọsibítù Bìrìtéènì, "bank" ni orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tí ọsibítù kọ sílẹ̀, tí wọ́n ń pè nígbà tí èèyàn ò bá pé lórí ṣíífìtì. Ta ló sọ ọ́ fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí?

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó ṣe nìyẹn. Ẹ tẹ CV yín sórí ìwé, ẹ mú bírò pupa, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹni tó wà ní Mọ́kọ́lá tàbí Ìkẹjà kò ní mọ̀. Lórí ti arábìnrin yìí, a rí "bank", a rí CQC, a rí MAR, a rí GDPR. Ìlà pupa pọ̀ ju ibi tó funfun lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ipò. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jìn sí kòtò. Ipò tí arábìnrin yìí wà kẹ́yìn ni "Senior Carer", ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà. Ẹnì kan ti gbà á nímọ̀ràn pé kó kọ "Ward Manager" dípò rẹ̀, kó lè ní iyì. Mo ní rárá. Bí ọsibítù bá kọ̀wé sí ibi tó ti ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ní Bìrìtéènì kì í dáhùn ju orúkọ ipò àti ọjọ́ tí èèyàn wọlé àti ọjọ́ tó kúrò lọ. Bí orúkọ ipò kò bá bára mu, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa pè é wá ṣàlàyé. Orúkọ tó wà lórí ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wá fi àlàyé kúkúrú tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún yín, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀yin máa fi kọ ọ́: "Senior Carer, ìyẹn alábòójútó àwọn olùtọ́jú lórí ṣíífìtì òru." Ti ọsibítù náà di: "Bank Healthcare Assistant, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní wáàdì, tí wọ́n ń pè sí ṣíífìtì."

Ẹ gbọ́ o: olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni mo pè é. Ẹ má kọ nọ́ọ̀sì sórí CV bí Nursing and Midwifery Council of Nigeria kò bá mọ̀ yín ní nọ́ọ̀sì. Ohun tí òfin ń dáàbò bò ni orúkọ yẹn.

Lẹ́yìn orúkọ ipò, ibi iṣẹ́ ló kàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka CV nílé kò tíì fojú rí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà. Ohun tó máa wá sí i lọ́kàn ni pé ẹ lọ fọ̀dí arúgbó fún Òyìnbó ni, mo sì ń sọ ọ́ báyìí nítorí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lẹ́yìn yín nìyẹn. Gbólóhùn kan péré ló máa tún un ṣe: "Ilé ìtọ́jú oníbẹ́ẹ̀dì 42 fún àwọn àgbàlagbà, tí púpọ̀ nínú wọn ní àrùn ìgbàgbé, tí CQC ń bẹ̀ wò." Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún sọ ẹni tí CQC jẹ́: àjọ tó ń bẹ ibi ìtọ́jú wò ní England, bí HEFAMAA ṣe ń bẹ ọsibítù wò ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tó ń ka á á mọ̀ pé ibi tí olùbẹ̀wò ti ń kanlẹ̀kùn lẹ ti ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká dé ibi tó lọ́ràá jù, iṣẹ́ gan-an. Ohun tó wà lórí CV àtijọ́ nìyí: mo ń fún àwọn èèyàn lóògùn, mo ń fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, mo ń ṣe ìtọ́jú ara. Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ kò sí ohun tá a lè dì mú. Mo jókòó tì í, mo sì ń bi í léèrè. Ìwọ àti ta ni lóru? Ó ní àwọn mẹ́ta ló wà lábẹ́ òun. Láti aago mélòó? Mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀. Bí ẹnì kan ò bá wá ńkọ́? Òun ló máa ń pe ẹlòmíràn. Ta ló ń kọ róòsìtà? Ó ṣe háà, ó ní òun ló ń kọ ti òru fún ọdún méjì tó kẹ́yìn. Kò sì sí i lórí CV! Ó ní òun rò pé ohun kékeré ni. Ohun àkọ́kọ́ lórí ìpolówó iṣẹ́ ni róòsìtà.

Ìlà kìíní wá di: "Mo ṣètò róòsìtà ṣíífìtì òru fún ọdún méjì, mo sì darí òṣìṣẹ́ 3 lálaalẹ́ fún àgbàlagbà 42."

Mo tún bi í nípa oògùn. MAR ni ìwé tí wọ́n ń buwọ́ lù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún èèyàn lóògùn. Iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọọjọ́ Sunday ni láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àyè kan wà tí wọn ò buwọ́ lù. Lóṣù tó bẹ̀rẹ̀, ó rí 27. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, márùn-ún ló kù. Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ó ní òun máa ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé ìléwọ́ òun. Ó dáa bẹ́ẹ̀: iye nìkan, kò sí orúkọ àgbàlagbà kankan níbẹ̀. Bí ẹ bá ní ìwé tó ní orúkọ aláìsàn lọ́wọ́, ẹ má mú un jáde, ẹ má fi hàn mí. Bí ẹ kò bá sì ní iye kankan, ẹ má hùmọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe àti iye ìgbà tí ẹ ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ di ìjà díẹ̀ láàárín wa lórí ìlà kan. Nígbà tó wà níbẹ̀, CQC gbé ilé náà láti "Requires improvement" sí "Good". Ó fẹ́ kọ pé òun ló gbé e gòkè. Mo ní kò ṣeé ṣe. CQC ń gbé àbájáde ìbẹ̀wò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló lè kà á, ọ̀gá ilé náà ló sì ni ẹ̀ka iṣẹ́ yẹn. Ohun tó kọ nígbẹ̀yìn ni pé òun pèsè àkọsílẹ̀ oògùn ṣíífìtì òru sílẹ̀ fún àwọn olùbẹ̀wò, lọ́dún tí ilé náà bọ́ sí "Good". Òtítọ́ ni, ó sì tó.

Ìtọ́jú ara ńkọ́, wíwẹ̀ àti wíwọṣọ fún àgbàlagbà? Àwọn kan ní kí a yọ ọ́ kúrò pátápátá. Èmi máa ń fi ìlà kan sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó bá fi í pamọ́, tí wọ́n bá bi í nílé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ojú rẹ̀ ló máa tú u.

Ó ku GDPR. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin ààbò ìsọfúnni aráàlú, ẹ sì fi kún un pé ẹ ti ka Nigeria Data Protection Act ti 2023. Ẹ kọ́kọ́ kà á o.

Ẹ wo ohun tí mo fẹ́ fà báyìí. Iṣẹ́ báńkì rẹ̀ níbí, ó ti tì í sí ojú ewé kejì nítorí ó ti pẹ́. Mo gbé e padà sí ojú ewé kìíní. Ohun tó ń ba agbanisíṣẹ́ nílé lẹ́rù ni pé: ṣé ẹni yìí á lè fara dà á bí iná bá lọ, bí mọ̀lẹ́bí mẹ́wàá bá yí bẹ́ẹ̀dì ká, bí oníbàárà bá ń pariwo ní kọ́ńtà? Ọdún mẹ́rin níwájú oníbàárà ní Ìbàdàn ló dáhùn ìyẹn, CQC kọ́ o.

Àwọn tó kù ò le. Nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +44 lókè CV, ẹ yọ ọ́, ẹ fi ti Nàìjíríà síbẹ̀, mo ti gbọ́ tí wọ́n ní, "Ẹni yìí ò tíì dé, ẹ fi í sílẹ̀." Ẹ kọ ọdún tí ẹ ṣe NYSC tàbí tí wọ́n yọ̀ǹda yín, nítorí CV Ìlú Òyìnbó kì í ní in, ilé ò sì ń fojú fò ó. Ẹ kọ oṣù tí ẹ padà dé. Ẹ má kọ owó oṣù yín ní pọ́n-ùn. Ọjọ́ orí, fọ́tò, ìpínlẹ̀ tí ẹ ti wá: bí ìpolówó bá béèrè, ẹ fi sí i, bí kò bá béèrè, ẹ fi í sílẹ̀.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fún ẹnì kan tí kò rìnrìn àjò rí ní ìwé náà, kó kà á, kó sì sọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe fún yín láìwo ìwé. A fún àbúrò arábìnrin yìí tó ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀. Ó kà á tán, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣe ọ̀gá òru." Ó tún béèrè ohun tí "incident log" jẹ́. A padà sí ìlà yẹn, a kọ ọ́ ní "ìwé tí a ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí", a pa á mọ́ ní PDF pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti orúkọ iṣẹ́ náà, a sì fi í ránṣẹ́ ní Tuesday. Ní Friday ni wọ́n pè é. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi í ni bó ṣe máa ń ṣe é bí òṣìṣẹ́ méjì ò bá wá lóru kan náà.