Máàkì Lẹ́tà Àìgbagbẹ̀fẹ́ Lójú Fọ́tò: Ohun Tí Ọmọ Kọ àti Ohun Tí Kámẹ́rà Gé

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí n bá yín sọ ni bí a ṣe ń máàkì lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ́ nígbà tó jẹ́ pé fọ́tò ìwé ìdáhùn ló wà lójú fóònù wa, tí ìwé gan-an wà níbòmíràn. Mẹ́ta nínú ohun tí à ń wò ni mo máa dúró lé: ìgbékalẹ̀ lẹ́tà, ohùn tí ọmọ fi bá ẹni tó ń kọ̀wé sí sọ̀rọ̀, àti bó ṣe pín ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ìpínrọ̀. Ojú la fi ń rí ìgbékalẹ̀ àti ìpínrọ̀ kí á tó ka gbólóhùn kan ṣoṣo. Nítorí náà ni fọ́tò burúkú ṣe lè gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ó sì dùn mí púpọ̀ bí mo bá rí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí máàkì wà. Àwa tí a ti bá àròkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC pàdé mọ̀ pé 50 ni gbogbo rẹ̀: 10 fún àkóónú, 10 fún ètò ọ̀rọ̀, 20 fún ìlò èdè, 10 fún àkọtọ́ àti àmì, níbi tí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ti ń kó ààbọ̀ máàkì lọ. Ìpín yìí náà ni mo ń lò fún lẹ́tà Yorùbá nínú ìdánwò ilé-ìwé. Mo pín 10 ti ètò ọ̀rọ̀ sí méjì: 5 fún ìgbékalẹ̀, 5 fún ìpínrọ̀. Ohùn lẹ́tà wà lábẹ́ ìlò èdè. Mo ń sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń gba máàkì lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan. Bí ọmọ bá kọ "Alága mi ọ̀wọ́n" síbi ìkíni, ìkíni ṣáà wà níbẹ̀, ó sì wà láyè rẹ̀. Máàkì ìgbékalẹ̀ rẹ̀ pé. Ohùn ló ṣì. Abẹ́ ìlò èdè ni kí ẹ ti mú un, ẹ má tún padà gbà á níbi ìgbékalẹ̀.

Máàkì 5 ìgbékalẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo fún àwọn ẹ̀yà rẹ̀: àdírẹ́sì ẹni tó ń kọ̀wé pẹ̀lú déètì lápá ọ̀tún lókè, àdírẹ́sì ẹni tí a ń kọ ọ́ sí lápá òsì, ìkíni, àkọlé, àti ìparí, níbi tí "Èmi ni tiyín nítòótọ́", ìfọwọ́sí àti orúkọ kíkún ti gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ara wọn.

Kí á tó fọwọ́ kan máàkì kankan, fọ́tò gan-an ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ṣe ń fi fọ́tò ìgbéyàwó ránṣẹ́, WhatsApp á fún un pọ̀, àmì ohùn àti ẹsẹ̀ abẹ́ ọ̀rọ̀ á sì di ìdọ̀tí nígbà tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document. Ẹ tún kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má lo ètò tó ń sọ ìwé di dúdú àti funfun nìkan, torí pé ó máa ń pa ẹsẹ̀ abẹ́ ẹ àti ọ tí bíírò kò tẹ̀ dáadáa rẹ́. Àwọ̀ gidi ni kí wọ́n yà á. Nínú fọ́tò aláwọ̀, ẹ óò tún lè dá bíírò ẹ̀yìn ìwé tó yọ síwájú mọ̀: kì í dúdú tó bíírò ojú ìwé náà gan-an, kì í sì í sábà bọ́ sórí fáwẹ̀lì gẹ́lẹ́. Mo ti rí ibi tí olùkọ́ ti fi bíírò pupa yí irú rẹ̀ ká bí àmì ohùn tó ṣì. Ààbọ̀ máàkì ń lọ lórí ohun tí ọmọ kò kọ.

Ẹ jẹ́ ká wá máàkì lẹ́tà kan. Èmi ni mo ṣètò rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tòní, kì í ṣe ìwé ọmọ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ní kí ọmọ kọ̀wé sí alága ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ nípa afárá kékeré kan tó ń fẹ́ àtúnṣe. Ọmọ náà kọ ọ́ sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé ní Mọ́níyà. Fọ́tò ojú ìwé méjì ló fi ránṣẹ́.

Ẹ wo apá ọ̀tún lókè. "Ojúlé 14, Òpópónà Adé" hàn. Lábẹ́ rẹ̀, "Mọ́ní", ó parí síbẹ̀. Déètì kà pé "Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹ", kò sí ọdún. Olùkọ́ tó ń kánjú á sọ pé àdírẹ́sì kò pé, déètì kò pé, á gba máàkì kan. Ẹ dúró. Ta ló ń kọ "Mọ́ní" tó sì dákẹ́? Níbi tí lẹ́tà bá ti gé láàárín ọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà sì kan etí fọ́tò, kámẹ́rà ló gé e. Tó bá jẹ́ pé ọmọ ló gbàgbé ọdún ni, "Oṣù Kẹta" á pé, a ó sì rí ìwé funfun lẹ́yìn rẹ̀ kó tó kan etí. Fún èyí, mi ò gba máàkì, mi ò sì fún un. Mo kọ "fọ́tò" síbẹ̀, mo sì ní kí ilé-ìwé tún ojú ìwé náà yà, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn pẹ̀lú díẹ̀ lára tábìlì yí i ká. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ṣe pàtàkì gan-an ni. Láìsí wọn, kò sí ẹni tó lè búra pé nǹkan kò sí lójú ìwé.

Àdírẹ́sì apá òsì pé. "Alàgbà," wà láyè rẹ̀. Àkọlé wà láàárín, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Lójú ìwé kejì, "Èmi ni tiyín nítòótọ́," wà, orúkọ kíkún wà, ṣùgbọ́n àyè tó ṣófo wà láàárín wọn. Ìfọwọ́sí ni kò sí. Ìlà ìwé hàn kedere níbẹ̀, òjìji kankan kò bò ó, nítorí náà ọmọ ló gbàgbé. Ààbọ̀ máàkì lọ. Nígbà tí fọ́tò tuntun dé tí àdírẹ́sì àti déètì sì pé, ìgbékalẹ̀ di 4½.

Ìpínrọ̀ ló gba sùúrù jù. Lójú fọ́tò yìí, ó dà bíi pé ìpínrọ̀ márùn-ún ló wà. Nígbà tí mo fẹ̀ ẹ́, mẹ́rin péré ni mo rí. Ibi tó tàn wá jẹ ni ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Lọ́nà kejì", tó dà bíi pé ọmọ ti ti ọ̀rọ̀ wọnú. Ohun méjì ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àkọ́kọ́ ni ìlà pupa tó wà létí ìwé. Ìwé náà ká kò níbi tí wọ́n ti dì í pọ̀, ìlà pupa gan-an sì tẹ̀ sínú níbẹ̀. Gbogbo ìlà tó tẹ̀ lé "Lọ́nà kejì" ló tẹ̀ bákan náà. Bí ìlà pupa àti ọ̀rọ̀ bá jọ tẹ̀, ìwé ló tẹ̀. Bí ìlà pupa bá dúró gbọingbọin tí ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì wọnú, ọmọ ló ṣí ìpínrọ̀. Ìkejì ni òpin ìlà tó ṣáájú. Ẹni tó parí ìpínrọ̀ sábà máa ń dúró kó tó dé etí ọ̀tún, àyè á sì ṣẹ́kù. Níbí, ìlà tó ṣáájú kún dé etí. Ohun méjèèjì bára mu: kò sí ìpínrọ̀ tuntun níbẹ̀.

Ìyẹn túmọ̀ sí pé ìpínrọ̀ kejì ọmọ yìí gbé kókó mẹ́ta pọ̀: bí afárá ṣe bàjẹ́, ewu tó ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ìwé lásìkò òjò, àti ohun tó ń fẹ́ kí ìjọba ṣe. Ohun tó ń fẹ́ yẹn ló yẹ kó dá dúró, kí akọ̀wé ìjọba lè tètè rí i. Ìpínrọ̀ yòókù mọ́. Mo fún un ní 3 nínú 5, ètò ọ̀rọ̀ sì di 7½ nínú 10.

Ó wá ku ohùn. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ọmọ náà lọ báyìí: "Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ìdílé yín ńkọ́? Mo ní ìgbàgbọ́ pé gbogbo wọn wà ní àlàáfíà." Lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ àwọn tó ń gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá nítorí pé ó kí àgbà. Gbólóhùn kan bíi "Mo kí yín kú iṣẹ́ ìlú" kò ba lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ́ jẹ́ rárá. Ó bá ipò ẹni tí a ń kọ̀wé sí mu. Bíbéèrè ìdílé ẹni tí kò mọ̀ rí ló ṣì, torí ó ń ṣe bí ẹbí sí òṣìṣẹ́ ìjọba.

Èyí tó wúwo jù wà níwájú. Ọmọ náà kọ pé: "Ẹ gbọ́dọ̀ wá ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé àwa la dìbò fún yín ni?" Ó lo "ẹ" àti "yín" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí "o" tàbí "rẹ" kankan. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á wo ìyẹn, wọ́n á ní ọ̀wọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ nìkan kọ́ ni ọ̀wọ̀. Àṣẹ ni "ẹ gbọ́dọ̀", ìbéèrè tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ti ẹni tó ń bínú. Kókó rẹ̀ dára, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Bó bá kọ ọ́ pé "A bẹ̀ yín kí ẹ bá wa tún un ṣe kí òjò tó pọ̀ sí i", ohun kan náà ló béèrè. Níparí, ó kọ "Ó dìgbà ó ṣe", èyí tó yẹ ọ̀rẹ́. Gbólóhùn rẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé ara wọn, àmọ́ pẹ̀lú ohùn tó ń yí láti ẹbí sí oníbìínú sí ọ̀rẹ́, mi ò lè fún un ju 12 lọ nínú 20.

Nígbà ìbéèrè, ìyá kan nínú àwọn olùkọ́ wa dìde. Wọ́n ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ọmọ mi kan ń kó gbogbo nǹkan sápá òsì, àdírẹ́sì méjèèjì, déètì, títí kan ìparí. Ṣé kí n gba máàkì?" Mo dá wọn lóhùn pé rárá, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe é látòkè délẹ̀. Ìlànà kan ni, àwọn ọ́fíìsì ń lò ó. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í ti ìpínrọ̀ wọnú. Ìlà kan ni wọ́n máa ń fò, nítorí náà ìlà tó ṣófo ni kí olùkọ́ máa wá lójú fọ́tò, kì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọnú. Ẹni tó bá gbé àdírẹ́sì tirẹ̀ sápá òsì, tó tún wá gbé ìparí sápá ọ̀tún, òun ló da ìlànà méjì pọ̀. Ààbọ̀ máàkì lọ lọ́wọ́ ẹni yẹn, lẹ́ẹ̀kan péré.