Ìrèké Kì Í Dúró Dé Ẹnikẹ́ni

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ìrèké ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí òun ló kó ọ̀pọ̀ èèyàn wa dé Kúbà.

Ìrèké tí wọ́n bá ti gé kò ṣeé fi pamọ́. Bí ó bá fi di ọjọ́ kejì tí wọn ò tíì fún un, adùn inú rẹ̀ ti ń bàjẹ́, ṣúgà tí wọ́n máa rí níbẹ̀ á sì dín. Ìdí nìyẹn tí olóko fi ń kọ́ ilé ìfúnrèké àti ilé ìsèṣúgà sínú oko. Bí ìkórè bá ti dé, tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ ń yí. Ẹni tó gé ìrèké ní ọ̀sán lè tún máa ti ìrèké sẹ́nu ẹ̀rọ lóru. Bí oorun bá gbé e pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rọ á fa ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Ní ọ̀pọ̀ oko Karibíánì, àdá máa ń wà nítòsí ẹ̀rọ, kí wọ́n lè tètè gé apá náà kó tó fa ara yòókù wọlé. Ta ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ yan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ní 1791, àwọn ẹrú Háítì dìde, oko ṣúgà tó tóbi jù láyé sì dàrú. Àwọn olóko Kúbà sáré gba ọjà náà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé wá ń tú, tí ogun ń kó àwọn ọmọ wa, Kúbà ni wọ́n ń tà ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ní Oṣù Kọkànlá 1843, Kálótà, obìnrin Lukumí kan, wà lára àwọn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ ní oko Triunvirato, ní agbègbè Matanzas. Wọ́n pa á.

Apá tó ń dùn mí jù nìyí. Láti 1838, kò sí ẹrú mọ́ ní oko ìrèké Jàmáíkà, ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì ń lé ọkọ̀ akẹ́rú lórí òkun. Ṣùgbọ́n ní 1846, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ikú Kálótà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀n ṣòfin pé kí owó orí ṣúgà tí ẹrú ṣe máa dín díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn ilẹ̀ wọn. Wọ́n fẹ́ kí owó ṣúgà wálẹ̀ díẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń fi tíì àti búrẹ́dì ṣe oúnjẹ. Ẹ̀rọ Kúbà tún gbóná sí i. Láti 1847, wọ́n ń kó àwọn ará Ṣáínà náà wá, pẹ̀lú ìwé àdéhùn ọdún mẹ́jọ, sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ẹrú.

Ní 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n ní àwọn fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú. Ní Kúbà, ó di 1886 kí ìsìnrú tó parí. Lọ́ńdọ̀n tí mò ń gbé yìí ra ṣúgà náà ní ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn.