0.9 tí làábù kò fi ínkì pupa sí

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn agbẹ̀bí, àwọn ará làábù àtàwọn aláboyún díẹ̀ sọ nípa kíndìnrín aláboyún n'Íbàdàn rèé. Ibi tí màíkì ti ń hu nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ kú ìjókòó o. 40 ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi, ẹni tó bá sì mọ̀ mí mọ̀ pé tí mo bá ti dé orí kiriatíníìnì báyìí, àfi kí wọ́n fà mí láṣọ kí n tó jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti forí jì mí ṣáájú.

Ẹ jẹ́ n ti ibi pépà kan bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ọmọ ọdún 31 kan ló mú un wá, oyún ẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, mo sì ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Nígbà tó forúkọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 12, kiriatíníìnì ẹ̀ jẹ́ 0.5 mílígíráàmù nínú dẹsilítà ẹ̀jẹ̀ kan. Nígbà tó dé ọ̀sẹ̀ 30, ó ti di 0.9. Bípíì ẹ̀ jẹ́ 138 lórí 86, sítíríìpù tí wọ́n rì bọ ìtọ̀ ẹ̀ fi púrótéènì fẹ́ẹ́rẹ́ hàn, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì ń wú. Ní ẹ̀gbẹ́ 0.9 yẹn, làábù tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé láti 0.6 dé 1.2 ló dáa. Kò sí ìràwọ̀ níbẹ̀, kò sí ínkì pupa. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ wo pépà náà, ó ní kíndìnrín ẹ̀ pé, kó máa lọ sílé, kó máa gbé ẹsẹ̀ lé pílò.

Ọkọ ẹ̀ ni kò gbà, òun ló ní kí wọ́n wá sọ́dọ̀ mi. Ọlọ́run á bá wa sàn án fún un.

Kí ló wá burú nínú 0.9? Kiriatíníìnì jẹ́ ìdọ̀tí tí iṣan ara wa máa ń dá sílẹ̀ lójoojúmọ́, kíndìnrín ló ń kó o dà sínú ìtọ̀. Ẹ fojú inú wo ọjà kan tí ìdọ̀tí ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́, agbálẹ̀ 10 ló ń gbá a, ibi tí ilẹ̀ mọ́ dé la sì mọ̀ sí ibi tó ti ń mọ́ tẹ́lẹ̀. Oyún dé, wọ́n fi agbálẹ̀ 5 kún un. Ó yẹ kí ilẹ̀ mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àbí? Bí ẹ bá wá débẹ̀ tẹ́ ẹ rí i pé ilẹ̀ dọ̀tí bó ṣe máa ń dọ̀tí nígbà tí agbálẹ̀ jẹ́ 10, ẹ ò ní sọ pé ilẹ̀ mọ́ bó ṣe ń mọ́, ńṣe lẹ máa bèèrè pé àwọn 5 wọ̀nyẹn dà, níbo ni wọ́n wọ̀ sí.

Bó ṣe rí nínú ara aláboyún gan-an nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, òpó ẹ̀jẹ̀ á dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú kíndìnrín kọjá á pọ̀ gan-an, nígbà tí oyún bá sì fi máa tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, iṣẹ́ sísẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe á ti fi nǹkan bí ìdajì lé sí iye tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìdí tí kiriatíníìnì fi máa ń wálẹ̀ nìyẹn, nínú ọ̀pọ̀ aláboyún ẹ ó bá a láàárín 0.4 sí 0.6. Àwọn làábù tó ń fi máíkírómóòlù kà á á kọ nǹkan bí 35 sí 53. Tó bá ti kọjá 77 lójú tiwọn, ìyẹn nǹkan bí 0.87 lójú tiwa, kò dáa fún aláboyún mọ́, ó ti yẹ ká wádìí. 0.6 dé 1.2 tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ yẹn, ti èèyàn tí kò lóyún ni, wọn ò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé ṣé ó lóyún.

Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ dókítà, ó jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún tó ń rẹ́rìn-ín, ó máa ń sọ pé mò ń fi pọ́íntì mẹ́rin dẹ́rù ba àwọn èèyàn. Ọ̀gá, tí owó oṣù yín bá ti 900,000 di 500,000, ṣé pọ́íntì mẹ́rin lẹ máa pè é níwájú ìyàwó yín? (Wọ́n rẹ́rìn-ín.) Ẹ ṣírò ẹ̀. Tí kiriatíníìnì bá ti 0.5 lọ sí 0.9, tí iṣan sì ń dá iye ìdọ̀tí kan náà sílẹ̀, á jẹ́ pé iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe ti já sí nǹkan bí 55 nínú 100 iṣẹ́ tó ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ 12. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì tó ti lọ, pépà kò sì wí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ n parí ìtàn ẹ̀. A tún bípíì ẹ̀ wọ̀n, ó jẹ́ 146 lórí 94. A ní kó jókòó, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin a tún un wọ̀n, 148 lórí 92. Ìdí tá a fi ń dúró wákàtí mẹ́rin ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn wọlé tàbí tó ń bẹ̀rù dókítà lè ní bípíì gíga fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mejì tó dé 140 lórí 90, tí oyún sì ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, ti ẹ̀rù kọ́ nìyẹn. A ò gbára lé sítíríìpù ìtọ̀, torí ẹni tó bá mu omi púpọ̀ kó tó wá, ìtọ̀ ẹ̀ á ṣàn, púrótéènì á fara pamọ́. A ní kí làábù fi púrótéènì inú ìtọ̀ wé kiriatíníìnì inú ìtọ̀ kan náà, 0.4 ló jáde, 0.3 sì ni ibi tó ti yẹ ká dúró. Pirí-ẹkilámísíà ni, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún tó ń ba ẹ̀yà ara jẹ́, tó sì lè di gìrì. Ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé pé ó lè wà láìsí púrótéènì rárá o. Bípíì gíga pẹ̀lú kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ tàbí pílétílẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, tó ń bàjẹ́ ti tó. Nínú ìlànà, kiriatíníìnì tó kọjá 1.1 tàbí tó di ìlọ́po méjì wà níbẹ̀, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fà ìlà sí ìlọ́po méjì yẹn, torí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti 0.5 á ti di ìlọ́po méjì kó tó dé 1.1.

A dá a dúró. Lọ́jọ́ kẹta orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ó ń rí iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú, bípíì lọ sí 164 lórí 110, kiriatíníìnì di 1.2. A fún un ní nìfẹ́dípíìnì tó ń mú bípíì wálẹ̀ àti maginísíọ̀mù tó ń dènà gìrì, a gún un lábẹ́rẹ́ tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó, a gba ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 31. Ọmọ náà wọn kílò 1.4. Ìyá wá ṣe tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 0.8. Ká ní ó ń gbé ẹsẹ̀ lé pílò nílé ni nígbà tí orí yẹn bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ibi ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ò dé dáadáa máa ń tú nǹkan kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, nǹkan náà á fa èròjà tó ń mú awọ inú òpó ẹ̀jẹ̀ wà láàyè gbẹ. Awọ tó tẹ́ inú asẹ́ kíndìnrín á wú, ojú asẹ́ á há, ìdọ̀tí kò ní kọjá dáadáa mọ́, púrótéènì tó yẹ kó dúró á sì máa jò. Àwọn ìyá wa máa ń sọ pé ilẹ̀ tútù ló ń fa gìrì aláboyún. Mi ò ní bá wọn jà, ṣùgbọ́n ẹni tó wọ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ń ní gìrì náà.

Mo fẹ́ bọ́ sórí oògùn ni arábìnrin kan, tó ṣeé ṣe kí oyún ẹ̀ ti tó oṣù mẹ́fà, nawọ́. Ó ní, "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ṣe sìkáànù fún mi, wọ́n ní kíndìnrín ọ̀tún mi fẹ̀, omi wà nínú ẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti ra àgbo tí wọ́n fi ń fọ kíndìnrín. Ṣé kí n mu ún?"

Àǹtí, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bèèrè. Ẹ má mu ún. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ sọ pé dókítà ló ní kẹ́ ẹ má mu ún, kí ìjà má baà dé ilé yín. Àgbo tá ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, kíndìnrín náà ló máa sẹ́ ẹ, èmi ni wọ́n sì máa wá gbé e fún. Ní ti kíndìnrín tó fẹ̀, tí kò bá sí ìrora, tí kò sí ibà, oyún ló sábà máa ń fà á. Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti kíndìnrín lọ sínú àpò ìtọ̀ máa ń dẹ̀ nínú oyún, ilé ọmọ á sì tún tẹ̀ ẹ́, ó máa ń tẹ ti ọ̀tún ju ti òsì lọ. Kíndìnrín fúnra ẹ̀ á tiẹ̀ fi bíi sẹ̀ńtímítà kan gùn sí i.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín ti gbé mi kúrò níbi tí mò ń lọ, torí ọ̀nà tó dẹ̀ yẹn ni kòkòrò ń bá gòkè. Ìtọ̀ tó ń rọra lọ, tó dúró sójú kan, kòkòrò fẹ́ràn ẹ̀. Aláboyún lè ní kòkòrò nínú ìtọ̀ kí ìtọ̀ má ta á, kó má mọ nǹkan kan lára. Ẹni tí kò lóyún tó bá ní irú ẹ̀, a sábà máa ń fi í sílẹ̀. Tí aláboyún la máa ń tọ́jú, torí tá a bá fi wọ́n sílẹ̀, a lè rí tó 30 nínú 100 wọn tí kòkòrò á gun kíndìnrín wọn. Nígbà yẹn lẹ máa rí ibà pẹ̀lú òtútù tó ń gbọ̀n wọ́n, ẹ̀gbẹ́ á máa dùn wọ́n, wọ́n á máa bì, ìrọbí sì lè bẹ̀rẹ̀ láìtọ́jọ́. Ibà yẹn ni wọ́n máa ń pè ní màléríà, ẹ̀yin ará làábù ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá forúkọ sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gbin ìtọ̀ yín. Ẹ fọ ojú ara, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ ṣàn dànù, ẹ gba ti àárín sínú ike. Tí kòkòrò irú kan bá tó 100,000 nínú mílílítà kan, a máa lo oògùn fún ọjọ́ márùn-ún sí méje, a ó sì tún ìtọ̀ gbìn lẹ́yìn ẹ̀ láti mọ̀ pé ó lọ. Àwa tó bá di ọjọ́ kejì tí ara bá ti yá a sọ kápúsù sínú dúrọ́ọ̀, a mọ ara wa. Ẹ má sì ra siporó ní kẹ́míìsì. Nitirofurantó-ìn, oògùn kòkòrò inú ìtọ̀, ń ṣiṣẹ́ ní àárín oyún, ṣùgbọ́n a máa ń dá a dúró tí ìbímọ bá ti sún mọ́lé.

Wọ́n ti ń gbé pépà ìṣẹ́jú márùn-ún sókè lọ́hùn-ún. Ó dáa, mo ti rí i.

Ní ti maginísíọ̀mù, ẹ̀yin mátírọ̀nù: kíndìnrín ló ń kó o jáde. Kẹ́ ẹ tó gún abẹ́rẹ́ tó kàn, ẹ lu orúnkún kẹ́ ẹ rí i pé ó ń ta, ẹ ka mímí ẹ̀ kó tó 16 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ wo ìtọ̀ kó má wálẹ̀ ju mílílítà 30 ní wákàtí kan. Tí ọ̀kan bá kùnà, ẹ dúró, kálísíọ̀mù gilukonéètì tó ń pa agbára maginísíọ̀mù sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹnì kan gbé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lọ sílé. Aláboyún tó ń lo lisinopíríìlì fún bípíì, ká pààrọ̀ ẹ̀. Ẹni tó ti ní pirí-ẹkilámísíà rí, ásípíríìnì kékeré láti ọ̀sẹ̀ 12, dókítà ló máa sọ iye ẹ̀. Lẹ́yìn ìbímọ, bípíì sábà máa ń ga jù láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà, ìgbà tí wọ́n ti kó ẹrù lọ sílé, ẹ ní kí wọ́n padà wá wọ̀n ọ́n.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti làábù ló bèèrè èyí tó kẹ́yìn: "Sà, ṣé ká wá yí pépà wa padà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kẹ́ ẹ kọ iye ọ̀sẹ̀ oyún sórí fọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ má tẹ eGFR, iye iṣẹ́ kíndìnrín tí ẹ ń ṣírò láti ara kiriatíníìnì, síbẹ̀ rárá fún aláboyún torí kò bá wọn mu, kẹ́ ẹ sì tẹ ìlà kan sábẹ́ ẹ̀ pé tó bá kọjá 0.87, kẹ́ ẹ pe wọ́ọ̀dù lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ọ̀gá òun á bèèrè pé ta ló máa sanwó ìpè. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, mo sì sọ fún un pé kó ṣáà máa pè, màá gbé owó káàdì fún un.