Oorun Tí Kò Tètè Wá àti Oorun Tó Tètè Lọ

Ẹ wo àkọsílẹ̀ oorun ènìyàn méjì yìí. Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ẹni ọdún 23, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì: ó dùbúlẹ̀ ní aago 11 alẹ́, oorun kò gbé e lọ títí di aago 2 òru, aago ìtanijí sì han mọ́ ọn létí ní aago 6 àárọ̀. Àkọsílẹ̀ kejì jẹ́ ti ìyá olùkọ́ kan, ẹni ọdún 58: ó dùbúlẹ̀ ní aago 10 alẹ́, kò tó ìṣẹ́jú 15 tó fi sùn lọ, ṣùgbọ́n ní aago 3 ìdájí ojú rẹ̀ là, kò sì padà sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Àpẹẹrẹ ni mo fi àwọn méjèèjì ṣe. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló ń ṣe wọ́n, ohun kan náà ni wọn yóò sọ: "N kì í rí oorun sùn." Bí wọ́n bá sì jọ dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì, ó ṣeé ṣe kí ó fún wọn ní oògùn kan náà. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń ṣe wọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà, àkókò tí oorun ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ fi ìyàtọ̀ náà hàn wá.

Agbára méjì ló ń mú ènìyàn sùn. Èkíní ni ẹrù oorun, tó ń wọ̀ wá lára láti ìgbà tí a bá ti jí. Bí ọpọlọ ti ń ṣiṣẹ́ ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adẹnosíìnì ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀, bí òjò ṣe ń ti ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kán sínú ìkòkò, títí alẹ́ yóò fi lẹ́ tí ìpéǹpéjú yóò sì wúwo. Bí a bá ti sùn, omi inú ìkòkò náà yóò máa fà díẹ̀díẹ̀. Agbára kejì ni aago inú ara, tó wà nínú ọpọlọ, lókè díẹ̀ sí ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti dábùú ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló ń tún aago yìí ṣe lójoojúmọ́, òun ló sì ń sọ fún ara pé alẹ́ ti lẹ́ tàbí pé ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́.

Nígbà tí a bá dùbúlẹ̀ lálẹ́, ìkòkò ti kún dẹ́nu. Nítorí náà, bí oorun kò bá gbé ènìyàn lọ ní irú àkókò yẹn, nǹkan kan ló ń dí i lọ́nà. Ọ̀rọ̀ aago 3 ìdájí kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, omi ti fà púpọ̀ nínú ìkòkò, oorun àsùnwọra ti bá ìdajì òru àkọ́kọ́ lọ, ó ku oorun fẹ́lẹ́ àti àlá, ara sì ti ń tú èròjà tó ń múra wa sílẹ̀ de òwúrọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Aago inú ara nìkan ló wá ń di oorun mú. Ìdí nìyẹn tí ohun kékeré tí kò lè jí wa ní aago 12 fi lè lé oorun lọ pátápátá ní ìdájí.

Kí n tó padà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò. Wọn kì í ka kí ènìyàn wà lójúfò fún ìṣẹ́jú 15 kí ó tó sùn sí àìsàn rárá. Bí ó bá ń kọjá ìṣẹ́jú 30 kí oorun tó dé, tàbí tí ènìyàn ń jí ní ìṣẹ́jú 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú àkókò tó fẹ́ jí, tí èyí sì ń ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ 3 lọ́sẹ̀ fún oṣù 3, tó sì ń ba ọ̀sán rẹ̀ jẹ́, nígbà náà ni wọn yóò sọ pé àìróorunsùn ti di bárakú. Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ ọ̀sán yẹn. Ẹni tó jí ní aago 4 tí ara rẹ̀ sì yá gágá títí di alẹ́ ti sùn tó.

Ìbéèrè tí mo máa ń kà sí pàtàkì jù lọ fún ẹni tí oorun kì í tètè gbé lọ ni pé: báwo ni ti ọjọ́ Sátidé ṣe rí? Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kì í lọ síbi iṣẹ́ ní Sátidé. Ó sùn ní aago 2 òru gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kò sí ẹni tó jí i, ó jí fúnra rẹ̀ ní aago 10 àárọ̀, orí rẹ̀ sì fúyẹ́. Wákàtí 8 gbáko ló sùn, láìta gìrì. Oorun rẹ̀ kò ní àléébù. Aago inú ara rẹ̀ ló ń fi wákàtí mélòó kan falẹ̀ sí aago ara ògiri. Èyí wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́, iná fóònù tí wọ́n ń tẹjú mọ́ lóru sì ń dá kún un. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni kí ó máa dìde ní aago kan náà lójoojúmọ́, títí kan Sátidé àti Sọ́ńdè, kí ó sì jáde sínú oòrùn kété tó bá ti jí, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń fa aago inú ara wá síwájú.

Ṣùgbọ́n ká ní Sátidé rẹ̀ kò yàtọ̀ ńkọ́? Ká ní ó ń tòògbé lórí àga níwájú tẹlifíṣọ̀n ní aago 9, ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ bá ti kan ìrọ̀rí báyìí, ojú rẹ̀ á là kedere, ọkàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbèsè àti ọ̀rọ̀ ọ̀gá níbi iṣẹ́. Èyí tọ́ka sí àníyàn, tàbí sí ibùsùn tó ti di ibi ìjà: ara ti kọ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ni a ti ń wà lójúfò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ń sọ fún pé bí ó bá ti tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 tí oorun kò dé, kí ó dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ó lọ jókòó sí ibi tí iná kò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀, kí ó má sì padà títí oorun yóò fi kùn ún.

Ohun méjì míì wà tí kì í tètè wá sí ènìyàn lọ́kàn. Kaféìnì ń dí adẹnosíìnì lọ́wọ́ nínú ọpọlọ, nǹkan bí wákàtí 5 ló sì ń gbà kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Ẹni tó bá jẹ obì ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ ṣì ní ìdajì kaféìnì rẹ̀ lára ní aago 10 alẹ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ fún dókítà pé àwọn kì í mu kọfí, wọ́n á sì gbàgbé obì. Èkejì ni ẹsẹ̀ tí kì í gbà láti dúró: bí àwọn tó ń ṣe bá ti dùbúlẹ̀ báyìí, á dà bíi pé kòkòrò ń rìn nínú ẹran ẹsẹ̀ wọn, àfi tí wọ́n bá gbé e tàbí tí wọ́n dìde rìn. Àìtó èròjà irin nínú ara ló sábà máa ń fà á, pàápàá fún aboyún àti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń pọ̀ jù, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì lè fi hàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá olùkọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ mọ̀ ni aago tó ń dùbúlẹ̀. Ká ní aago 8 alẹ́ ló ti ń sùn, a jẹ́ pé ó ti sùn fún wákàtí 7 nígbà tí aago 3 lù, kò sì sí oorun kankan tó kù láti sùn. Bí ọjọ́ orí ti ń ga, aago inú ara sábà máa ń yá síwájú, àgbàlagbà á tètè sùn, á sì tètè jí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò ìmọ́lẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àti kí ó máa pẹ́ díẹ̀ sí i kí ó tó dùbúlẹ̀. Bí a bá wá fún un ní ìmọ̀ràn tí a fún ọ̀dọ́mọkùnrin, pé kí ó jáde sínú oòrùn kété tí ilẹ̀ bá mọ́, a lè tún mú kí ó máa jí ní aago 2.

Ṣùgbọ́n aago 10 ni ìyá wa ń dùbúlẹ̀, wákàtí 5 péré ló sì ń sùn. A ní láti bi í pé kí ló kọ́kọ́ jí, ìtọ̀ tàbí ojú? Bí ìtọ̀ bá ń jí i lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta lóru, tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́, kí a yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ọkọ rẹ̀ bá sọ pé ó ń hanrun, pé èémí rẹ̀ a máa dá díẹ̀ kó tó padà pẹ̀lú ìmí gúlegúle, tí orí sì ń fọ́ ọ lówùúrọ̀, ọ̀nà èémí rẹ̀ ló ń dí lójú oorun, ìdájí tí àlá pọ̀ sì ni èyí sábà máa ń le jù. Fún ẹni tó bá ń mu ọtí kó lè sùn, ọtí á tètè gbé e lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ara bá ti lo ọtí náà tán ní ààbọ̀ òru, oorun á máa já ní kélekèle.

Ìyá kò mutí, kò hanrun, ìtọ̀ kò sì jí i. Ó ní ojú òun ṣàdédé là ni, àti pé àyà òun ti wúwo kí òun tó rántí ohunkóhun. Láti ìdájí títí di nǹkan bí aago 10 àárọ̀ ni ayé máa ń sú u jù, tó bá di ìrọ̀lẹ́, ara á fúyẹ́ díẹ̀. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ìró tí ó ti ń ró tẹ́lẹ̀ ti ń yọ̀ ní ìbàdí rẹ̀. Ó ti tó oṣù méjì tí kò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Kí ènìyàn máa jí ní wákàtí 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú àkókò rẹ̀, kí ìbànújẹ́ sì le jù lówùúrọ̀, jẹ́ àmì ìsoríkọ́ tó ti wọra, tí dókítà kì í fojú kékeré wò. Àwọn ará ilé sọ fún un pé wọ́n ń pè é sí àdúrà òru ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà, ṣùgbọ́n ẹni tó jí fún àdúrà kì í sábà rù láàárín oṣù méjì.

Oògùn oorun tí ìyá bá rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì kò ní wo èyí sàn. Ó sì lè di ohun tí kò lè fi sílẹ̀ mọ́, tàbí kó jẹ́ kí ó ṣubú bó bá dìde lóru. Ìsoríkọ́ gan-an ni a ó tọ́jú, pẹ̀lú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tàbí oògùn tó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó ràn án.

Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ó kọ ọjọ́ 14 sílẹ̀ sínú ìwé: aago tó pa iná, bó ṣe rò pé ó pẹ́ tó kí oorun tó dé, aago tó jí kẹ́yìn, aago tó dìde, àti ohun tó mu tàbí tó jẹ láti ọ̀sán. Òwúrọ̀ ni kí ó kọ ọ́, kí ó máà wo aago lóru, ìfojúdíwọ̀n ti tó. Ọ̀ràn kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ 14 yìí: bí èrò pé ikú yá ju ìyè lọ bá ń bá ènìyàn jí ní ìdájí, ọjọ́ náà gan-an ni kí ó sọ ọ́ fún ẹnìkan nínú ilé, kí ẹni náà sì bá a dé ilé ìwòsàn.